Ta Ló Ni Orúkọ Tí Àwọn Olólùfẹ́ Fi Ń Pe Olórin?

Ó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu bí wọ́n bá gbọ́ pé olórin kan kò lè fi orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí kọrin mọ́. Ẹgbẹ́ olórin á tú ká, wọ́n á ní ẹni tó dá a sílẹ̀ kò gbọdọ̀ lo orúkọ ẹgbẹ́. Ẹni tó ń ṣe fídíò á bá máníjà rẹ̀ jà, kílẹ̀ tó mọ́, àkáùntì tí ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn ń tẹ̀ lé ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo èèyàn máa ń béèrè nígbà náà: ṣebí orúkọ rẹ̀ ni, báwo ni wọ́n ṣe rí i gbà lọ́wọ́ rẹ̀?

Ohun tó fa ìdàrúdàpọ̀ yìí ni pé nǹkan mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń kà sí ẹyọ kan. Mo fẹ́ yà wọ́n sọ́tọ̀, nítorí ó ń dùn mí bí mo bá rí ẹni tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kó èrò jọ, tó wá jẹ́ pé ẹlòmíì ló ń tẹ orúkọ rẹ̀ sára ẹ̀wù tà.

## Kí là ń pè ní ìdánimọ̀ òwò?

Ìdánimọ̀ òwò ni gbogbo ohun tó ń jẹ́ kéèyàn mọ̀ pé ọ̀dọ̀ yín ni nǹkan kan ti wá, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Orúkọ wà nínú rẹ̀. Lógò, àwọ̀ tí ẹ yàn láàyò, ohùn tó ń ṣáájú fídíò yín àti bí ẹ ṣe máa ń kí àwọn tó ń wò yín wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ti ní in, ẹ mú fídíò yín mélòó kan, ẹ bo ojú àti orúkọ yín, kí ẹ fi han ẹni tó máa ń wò yín déédéé. Bó bá dá a mọ̀, ìdánimọ̀ wà. Bí kò bá dá a mọ̀, ojú yín nìkan ni wọ́n ń tẹ̀ lé.

Ojú ń kó èrò jọ, àmọ́ kì í bá ọjà lọ. Ẹni tó ra ẹ̀wù tàbí ẹ̀kọ́ orí ayélujára kò bá yín níbẹ̀ nígbà tó ń sanwó. Orúkọ tó wà lára ọjà náà ló rí, òun ló sì gbẹ́kẹ̀ lé. Ìdí nìyí tí mo fi máa dúró lórí orúkọ nínú àlàyé yìí. Ẹ lè pààrọ̀ àwọ̀ àti lógò nígbà tó bá wù yín, kí àwọn olólùfẹ́ yín ṣì bá yín lọ. Ẹni tó bá pàdánù orúkọ ní láti tún ara rẹ̀ fi han ayé.

## Nǹkan mẹ́rin wo ni wọ́n ń dà pọ̀?

Èkíní ni orúkọ àkáùntì, ìyẹn èyí tí wọ́n ń fi àmì @ ṣáájú. Ilé àyágbé ni àkáùntì jẹ́: ẹ lè kun ún, kí ẹ to àga sínú rẹ̀, kí àlejò máa wọlé tọ̀ yín wá, àmọ́ onílé ló ní ilẹ̀, ìlànà rẹ̀ ló sì ń ṣiṣẹ́. Iléeṣẹ́ tó ni ìkànnì lè ti àkáùntì pa, ó sì lè gba orúkọ náà fún ẹlòmíì bí onítọ̀hún bá fi ìwé hàn pé òun ló lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Bí ẹ ṣe gba orúkọ kan lórí Instagram kò sọ ohunkóhun nípa ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti fi orúkọ náà tajà.

Èkejì ni orúkọ iléeṣẹ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ìwé yìí ń fi hàn pé iléeṣẹ́ kan wà, ó lè ní àkáùntì báǹkì, ó sì lè san owó orí. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, gbogbo ohun tó ń dí lọ́nà kò ju kí iléeṣẹ́ míì má fi orúkọ kan náà forúkọ sílẹ̀ nínú ìwé yẹn. Kò dá ẹni tó ń tẹ orúkọ yín sára fìlà dúró.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀tọ́ àdàkọ. Èyí ló ń dáàbò bo iṣẹ́ tí ẹ ṣe: orin, fídíò, fọ́tò, ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ. Orúkọ àti gbólóhùn kúkúrú kì í sábà wọ inú rẹ̀, nítorí náà ẹni tó ni gbogbo orin rẹ̀ pátá lè má ní orúkọ tó fi kọ wọ́n. Ẹ kíyè sí i pé àwòrán lógò yín jẹ́ iṣẹ́ ọnà tí ẹ̀tọ́ àdàkọ bò. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ayàwòrán tó yà á ló ṣì ni ín, bí ẹ tilẹ̀ ti sanwó fún un, àyàfi bó bá fọwọ́ sí ìwé pé òun ti gbé ẹ̀tọ́ náà fún yín. Ọjọ́ tí ẹ bá san owó iṣẹ́ rẹ̀ ló yẹ kí ẹ gba ìwé yẹn. Bí ẹ bá dúró di ìgbà tí lógò náà ti lókìkí, iye tó máa béèrè kò ní jẹ́ ti tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni àmì òwò, òun gan-an ni ìdáhùn sí ìbéèrè tí gbogbo èèyàn ń béèrè. Àmì òwò jẹ́ ẹ̀tọ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ lè fi orúkọ kan ta irú ọjà kan ní orílẹ̀-èdè kan. Ó ní ààlà méjì: irú ọjà àti orílẹ̀-èdè. Ẹni tó ní i fún orin lè má ní i fún ẹ̀wù, ẹni tó sì ní i níbì kan lè má ní i níbòmíì.

## Báwo ni ẹgbẹ́ ṣe lè máa lọ láìsí àwọn tó dá a sílẹ̀?

Ẹgbẹ́ olórin Sugababes ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣe kedere. Ọdún 1998 ni wọ́n kó Siobhán Donaghy, Mutya Buena àti Keisha Buchanan jọ. Donaghy kúrò ní 2001, wọ́n fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀. Buena kúrò ní 2005, wọ́n tún fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí Buchanan lọ ní 2009, kò ku ẹyọ kan nínú àwọn mẹ́ta ìbẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ àwo orin Sugababes tuntun tún jáde ní 2010.

Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe padà wá kọrin pọ̀ lẹ́yìn náà, ohùn wọn kò yí padà, àwọn olólùfẹ́ ìgbà ìbẹ̀rẹ̀ sì dá wọn mọ̀. Àmọ́ wọn kò lè jẹ́ Sugababes. Wọ́n to orúkọ ara wọn tẹ̀ léra, wọ́n ń jẹ́ Mutya Keisha Siobhan. Ó di 2019 kí wọ́n tó tún lè lo orúkọ tí wọ́n ti fi gbajúmọ̀.

Ẹ ò ní rí olè nínú ìtàn yìí, kò sì pọn dandan kí olè wà níbẹ̀. Ẹ̀tọ́ orí orúkọ kì í tẹ̀ lé ohùn tàbí ojú, ibi tí ìwé bá gbé e sí ló ń dúró sí. Ẹgbẹ́ tí kò bá tíì jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni tó bá lọ ń fi orúkọ sílẹ̀, tàbí pé orúkọ ń kú bí ìdajì wọn bá lọ, ti fi ìpinnu náà sílẹ̀ fún ilé ẹjọ́.

## Irú orúkọ wo ló ṣeé gbà?

Ẹ jẹ́ ká gbé olórin kan yẹ̀ wò. Ó ń kọrin, ó sì ń kọ́ni bí a ṣe ń tọ́jú ohùn nínú fídíò. Èrò ti pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó wá fẹ́ ta ẹ̀kọ́ ohùn tó gùn díẹ̀, kó sì tẹ ẹ̀wù jáde. “Ẹ̀kọ́ Ohùn” ni orúkọ àkáùntì rẹ̀.

Orúkọ yẹn máa fún un níṣòro. Ọ́fíìsì tó ń forúkọ àmì òwò sílẹ̀ kì í fẹ́ gba orúkọ tó kàn ń sọ ohun tí wọ́n ń tà, torí pé gbogbo ẹni tó ń kọ́ni ní ohùn ló nílò ọ̀rọ̀ yẹn láti ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀. Ó máa ń dà bíi pé orúkọ bẹ́ẹ̀ dára, torí pé àwọn tó ń wá ẹ̀kọ́ ohùn á tètè rí i. Àmọ́ bó bá di ọ̀la tí ẹlòmíì sọ ara rẹ̀ ní “Ẹ̀kọ́ Ohùn Pípé”, kò sí bó ṣe lè dí i lọ́wọ́.

Ká ní ó wá yan “Àdàbà Méje”. Àdàbà kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ẹ̀wù tàbí ẹ̀kọ́, nítorí náà orúkọ náà lágbára. Iṣẹ́ tó kàn ni pé kó wádìí bóyá ẹnì kan ti ń lò ó. Ó máa wo ìwé àkọsílẹ̀ àmì òwò orílẹ̀-èdè tó ti fẹ́ tajà, àti àkójọpọ̀ ọ̀fẹ́ ti àjọ àgbáyé WIPO tó wà ní branddb.wipo.int. Kó má ṣe wá orúkọ náà gẹ́gẹ́ bó ṣe kọ ọ́ nìkan. Kó wá “Adaba Meje” láìsí àmì ohùn, kó lẹ̀ ẹ́ pọ̀ mọ́ra, kó wá “Àdàbà Mẹ́fà” pàápàá, nítorí ohun tí òfin ń béèrè ni bóyá oníbàárà lè ṣì wọ́n mú fún ara wọn, kì í ṣe bóyá lẹ́tà wọn bára mu délẹ̀. Kó tún wá a níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ orin. Olórin kékeré kan lè ti máa fi orúkọ náà kọrin láìjẹ́ pé ó fi ìwé kankan sílẹ̀.

## Ṣé olórin kékeré lè dí ẹni ńlá lọ́nà?

Ó lè fa wàhálà tó pọ̀. Lọ́dún 2020, ẹgbẹ́ Lady Antebellum ní Amẹ́ríkà kéde pé àwọn pa orúkọ náà tì nítorí ohun tó ń rán àwọn èèyàn létí nípa ìgbà òwò ẹrú, àti pé Lady A làwọn á máa jẹ́. Wọ́n ti forúkọ Lady A sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì òwò láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ṣáájú, kò sì sẹ́ni tó ta kò ó nígbà náà. Àmọ́ obìnrin olórin kan tó ń jẹ́ Anita White, tó ń kọ orin bùlúùsì ní ìlú Seattle, ti ń fi Lady A kọrin fún ohun tó lé ní ogún ọdún.

Ẹgbẹ́ náà gbé e lọ sílé ẹjọ́ kí wọ́n lè sọ pé àwọn lẹ́tọ̀ọ́ sí i, òun náà pè wọ́n lẹ́jọ́. Ó di 2022 kí wọ́n tó yanjú rẹ̀ láàárín ara wọn. Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà le ni pé ní Amẹ́ríkà, lílò orúkọ fún òwò ń fúnni ní ẹ̀tọ́ kan láìsí ìwé, níbi tí wọ́n bá ti mọ èèyàn sí i. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè míì, ẹni tó bá kọ́kọ́ fi ìwé sílẹ̀ ló ń borí, bí ẹlòmíì tilẹ̀ ti ń lò ó ṣáájú rẹ̀. Ó yẹ kí olórin wa mọ èwo ni wọ́n ń tẹ̀ lé níbi tó ti fẹ́ tajà, kó sì ti wádìí tán kó tó kéde orúkọ tuntun fáwọn olólùfẹ́ rẹ̀.

## Kí ló máa kọ sínú ìwé ìbéèrè?

Ètò kan wà tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò, wọ́n ń pè é ní ètò Nice. Ó pín gbogbo ọjà àti iṣẹ́ ayé sí ìsọ̀rí 45. Mẹ́ta ló kan olórin wa. Ìsọ̀rí 41 ni ti eré orí ìtàgé àti ẹ̀kọ́. Ìsọ̀rí 9 ni ti orin àti fídíò tí wọ́n ń gbà sórí fóònù. Ìsọ̀rí 25 ni ti aṣọ, bàtà àti fìlà. Ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ló sábà máa ń ní owó tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi máa ń mú ẹyọ kan kí wọ́n sì lọ.

Bó bá mú 41 nìkan, ó ṣeé ṣe kí aláṣọ kan mú 25. Bó bá sì mú ìsọ̀rí tí kò ní fi tajà, ẹ̀tọ́ yẹn lè bọ́: ọdún márùn-ún láìlò tó fún ẹlòmíì láti ní kí wọ́n pa á rẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ọdún mẹ́ta sì ni Amẹ́ríkà ń wò. Kó mú ohun tó ń tà báyìí, àti ohun tó mọ̀ dájú pé òun máa tà láìpẹ́.

Orúkọ ni kó kọ́kọ́ fi sílẹ̀, kí lógò tẹ̀ lé e bówó bá wà. Bó bá fi orúkọ sílẹ̀ ní lẹ́tà lásán, ẹ̀tọ́ náà bò ó lọ́nà yòówù kó kọ ọ́. Bó bá jẹ́ lógò nìkan ló fi sílẹ̀, tó wá yí i padà lọ́dún tó ń bọ̀, ìwé rẹ̀ ń ṣọ́ àwòrán tí kò lò mọ́.

Ohun kan wà lára ẹ̀wù tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń béèrè àpẹẹrẹ bí orúkọ ṣe wà lára ọjà. Bó bá ya fọ́tò ẹ̀wù tí wọ́n tẹ “Àdàbà Méje” gàdàgbà sí láyà, wọ́n lè dá a padà pé ọ̀ṣọ́ lèyí, kì í ṣe àmì ẹni tó ṣe ẹ̀wù. Orúkọ kan náà, lára àkọlé kékeré tó wà ní ọrùn ẹ̀wù, tàbí lára páálí tí wọ́n so mọ́ ọn, ni wọ́n máa gbà. Kó sọ fún aránṣọ kó rán àkọlé náà mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn tí òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì bá yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á gbé e jáde fún gbogbo ayé kí ẹni tó bá ní àtakò lè sọ̀rọ̀. Àkókò yẹn jẹ́ ọgbọ̀n ọjọ́ ní Amẹ́ríkà, oṣù méjì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oṣù mẹ́ta ní Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Bí kò bá sí àtakò tó múlẹ̀, ìwé á jáde, yóò wúlò fún ọdún mẹ́wàá ní ọ̀pọ̀ ibi, ó sì ṣeé tún ṣe títí. Ìgbà yẹn ló tó lè fi ® sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ náà. Fífi í síbẹ̀ kí ìwé tó jáde jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ní àwọn orílẹ̀-èdè kan.

## Orúkọ ta ló yẹ kó wà níbi tí wọ́n kọ “oní àmì” sí?

Ibí yìí ni nǹkan ti sábà máa ń bàjẹ́, a kì í sì í mọ̀ títí ìjà fi dé. Máníjà á ní kí olórin má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, òun á bá a fi ìwé sílẹ̀. Ó fi í sílẹ̀ lóòótọ́, ní orúkọ iléeṣẹ́ tirẹ̀. Ìlà tí wọ́n kọ oní àmì sí nìkan ni kí olórin wò. Orúkọ òun fúnra rẹ̀ tàbí ti iléeṣẹ́ tí òun ni ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bákan náà ni ímeèlì àti nọ́ńbà fóònù tí wọ́n fi ṣí àkáùntì, nítorí pé ẹni tí ìkànnì ń fi kóòdù ránṣẹ́ sí ló lè yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà.

Nínú àdéhùn pẹ̀lú iléeṣẹ́ orin, kó wá ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ orúkọ àti àwòrán rẹ̀. Kò burú kí wọ́n gbàyè láti lo orúkọ rẹ̀ fún títa orin tó kọ lábẹ́ wọn. Ohun tó yẹ kó dá a dúró ni gbólóhùn tó gbé orúkọ náà fún wọn pátápátá, tàbí tó fi ẹ̀wù àti fìlà kún un láìsọ ọjọ́ tó máa parí.

## Bí ẹlòmíì bá fẹ́ fi orúkọ náà ṣe ọjà ńkọ́?

Ìgbà tí orúkọ bá di tirẹ̀ ló tó lè yá ẹlòmíì lò, ibí sì ni owó ti ń wọlé bí kò tilẹ̀ sí lórí ìtàgé. Ká ní iléeṣẹ́ aláṣọ kan ní àwọn á máa san ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún fún un. Kó béèrè pé ìdá mẹ́wàá kí ni. Bó bá jẹ́ ti iye tí oníbàárà san, lórí ẹ̀wù tí wọ́n tà ní ọgọ́rùn-ún, mẹ́wàá ni tirẹ̀. Bó bá jẹ́ ti iye tí wọ́n fi tà á fún alátùntà, tó lè jẹ́ àádọ́ta, márùn-ún ló kù. Bí wọ́n bá sì tún yọ owó ọkọ̀ àti ẹ̀dínwó kúrò kí wọ́n tó ṣírò, ó lè máà tó márùn-ún.

Kó kọ irú ọjà, ibi tí wọ́n á ti tà á àti ọdún tó máa parí sínú ìwé náà. Kó tún kọ ọ́ pé wọn kò gbọdọ̀ tà á láìjẹ́ pé òun ti rí àpẹẹrẹ ọjà kí òun sì fọwọ́ sí i. Òfin gan-an ń retí èyí: oní àmì tó bá ń yá orúkọ fún ẹnikẹ́ni láìbojú wo bí ọjà ṣe rí lè pàdánù àmì náà ní àwọn ibì kan, nítorí orúkọ náà kò sọ ẹni tí ọjà ti wá mọ́. Kó sì dá iye oṣù tí wọ́n fi máa ta èyí tó kù nílẹ̀ bí àdéhùn bá parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀wù “tó kù” lè má tán láé.

## Ibo ló ti máa bẹ̀rẹ̀ bówó ò bá tó?

Kó bẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè tí àwọn tó ń ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ ti pọ̀ jù, kó fi orúkọ náà sílẹ̀ ní lẹ́tà lásán, fún ìsọ̀rí tó ń mówó wọlé fún un báyìí. Àwọn tó ń rà ni kó kà, kì í ṣe àwọn tó kàn ń wò. Láti ọjọ́ tó bá fi ìwé àkọ́kọ́ yìí sílẹ̀, àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ń pè ní Àdéhùn Paris fún un ní oṣù mẹ́fà. Bó bá tún fi ìwé sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè míì tó wà nínú àdéhùn náà láàárín oṣù mẹ́fà yẹn, wọ́n máa kà á sí pé ọjọ́ ìwé àkọ́kọ́ ló dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹni tó bá sáré lọ mú orúkọ náà níbẹ̀ láàárín àkókò yẹn máa rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ lòun wà.